Ìfáàrà: Bí agbára Wáífáì ṣe ń dín kù nínú ilé bí a ti ń jìnnà sí ráútà

Àyẹ̀wò yìí fẹ́ mọ bí agbára Wáífáì ṣe ń dín kù láti mítà 1 títí dé mítà 20, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé oníbúlọ́ọ̀kù kan ní Àkúrẹ́ tí ilẹ̀kùn onírin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Fóònù la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, ráútà kò sì ní kúrò lójú kan.

dBm ni fóònù fi ń ka agbára tó bá gbà. 0 dBm jẹ́ míílíwáàtì kan. Èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ fóònù kéré sí i gan-an, ìdí nìyẹn tí àmì àyọkúrò fi máa ń wà níwájú òǹkà náà: -40 lágbára ju -70 lọ. Òǹkà yìí máa ń tan ènìyàn jẹ o. Tó bá fi 3 wálẹ̀, ìdajì agbára ti lọ. Tó bá fi 10 wálẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ṣẹ́ kù.

Ní gbangba tí nǹkan kan ò dí i lọ́nà, ìgbì rédíò máa ń tàn káàkiri bó ṣe ń lọ. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ló máa kù, ìyẹn ni pé òǹkà á fi 6 wálẹ̀. Fọ́múlà tí a fẹ́ dán wò nìyí:

```
P(d) = P(1) - 10 n log10(d)
```

d ni iye mítà tó wà láàárín ráútà àti fóònù, P(1) sì ni ohun tí fóònù kà ní mítà 1. n ló ń sọ bí agbára ṣe ń yára lọ sílẹ̀ tó. Ní gbangba, 2 ni. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, ó lè kéré sí 2, torí ògiri ń dá ìgbì padà sójú ọ̀nà. Tí ògiri bá wà láàárín, ó lè kọjá 3. Ká ní P(1) jẹ́ -38: bí n bá jẹ́ 2, mítà 10 á jẹ́ -58, bó bá jẹ́ 3, á di -68. Ìyàtọ̀ 10 yẹn kì í ṣe kékeré.

Ohun tó lè da iṣẹ́ yìí rú jù ni pé ìgbì kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo dé. Èyí tó wá tààrà àti èyí tí ilẹ̀kùn onírin tàbí ilẹ̀ dá padà á jọ pàdé lára fóònù. Níbi tí wọ́n bá ti bára mu, òǹkà á lọ sókè. Níbi tí wọ́n bá ti ta kora, á já wálẹ̀. Ìgbì 2.4 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, nítorí náà sísún fóònù díẹ̀ péré lè yí òǹkà padà gan-an. Bí mítà 6 bá kà ju mítà 4 lọ, kí a má tíì sọ pé fóònù ti bàjẹ́. Ara ẹni tó di fóònù mú náà ń dí ìgbì lọ́nà. Orí àpótí la ó gbé e lé, a ó sún un díẹ̀díẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, a ó sì mú ìpíndọ́gba ohun tó bá kà.

Bí fọ́múlà bá bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí mu, àwọn àmì tí a bá fi sórí gíráàfù, dBm sí log10(d), á tò sórí ìlà gbọọrọ kan, bí ìlà náà bá sì ṣe dagun tó la ó fi mọ n.