Yìnyín títà àti owó iná Báńdì A: ṣé fírísà ilé ṣì lè pa owó?

Àjọ NERC gbé owó iná Báńdì A láti 68 náírà sí 225 lórí yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ṣé èrè ṣì kù nínú yìnyín títà?

Ó kù, bí oníbàárà bá pọ̀ tó. Iye náà ti yí padà díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi 225 ṣírò. Ká ní fírísà alábọ́dé kan ń jẹ yúníìtì kan àti ààbọ̀ lójúmọ́ kí inú rẹ̀ lè máa tutù, ìbáà kún, ìbáà ṣófo. Kí omi lítà kan tó di yìnyín, ó tún ń fẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá yúníìtì. Ẹni tó bá di náílọ́ọ̀nù onílítà kan mẹ́wàá yóò san nǹkan bíi 563 náírà fún iná. Bí ó bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 150, tí omi àti náílọ́ọ̀nù rẹ̀ sì jẹ́ 20, bí 737 náírà ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin péré ni ó dì tí ó sì tà, èrè rẹ̀ kò ní pé 100 náírà. Àyè tó ṣófo nínú fírísà ni ó ń jẹ èrè, kì í ṣe yìnyín.

Ṣé kí n wá kó omi kún un dé ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà?

Rárá o. Lára ògiri fírísà ni òtútù ti ń wá, nítorí náà omi tó wà láàárín yóò pẹ́ kí ó tó dì, kọmpirẹ́sọ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Lára ọ̀pọ̀ fírísà, a máa ń kọ iye kílò tí ó lè dì láàárín wákàtí 24 sí àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má kọjá rẹ̀. Ẹ to náílọ́ọ̀nù mọ́ ògiri ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí omi máa ń wú bí ó bá ń dì.

Bí iná bá lọ, ṣé kí n tan jẹnẹrétọ̀?

Ẹ má tàn án. Ẹ pa ọmọrí fírísà dé, kí òtútù inú rẹ̀ má bàa tètè jáde.

Aládùúgbò fẹ́ sanwó kí ó lè kó ẹja rẹ̀ sí i. Ṣé kò léwu?

Ewu wà níbẹ̀ bí ẹja bá yọ́, tí ó tún dì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ di omi sínú ife kan, kí ẹ gbé kọ́bọ̀ onírin lé e lórí (ó kúkú ti pẹ́ tí a kò ná an mọ́). Bí ẹ bá ti ibì kan dé tí ẹ rí i pé kọ́bọ̀ náà ti wọlé sí ìsàlẹ̀ yìnyín, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ rí nìyẹn, ẹ má sì fi ẹja náà fún ẹnikẹ́ni jẹ.

Kí ló máa ń tètè ba fírísà jẹ́?

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni. Bí ó bá dé lójijì, ìfúnpá inú kọmpirẹ́sọ̀ kò tíì rọlẹ̀, yóò kùn díẹ̀, yóò ró kẹ́ẹ́, yóò sì dákẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná bí iná bá ti lọ, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí ó bá dé kí ẹ tó tún fi í sí iná.