Títo àkọsílẹ̀ títà: ẹ̀ka ọjà ṣáájú, ọjọ́ tẹ̀lé e

Nínú àkọsílẹ̀ títà, ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ọjà kan tí wọ́n tà, pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀, ọjọ́ àti iye owó. Bí títà ṣe ń wáyé ni ìlà ń wọlé, ìdí nìyẹn tí ìwé, ọṣẹ àti bàtà fi máa ń lọ́ pọ̀. Tí a bá ní kí kọ̀ǹpútà tò wọ́n, yóò máa fi ìlà méjì wé ara wọn. Ẹ̀ka ló kọ́kọ́ ń wò. Bí ẹ̀ka méjèèjì bá yàtọ̀, kò wo ọjọ́ mọ́. Àfi tí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà ló tó lọ wo ọjọ́. Bí a ṣe ń pa àṣẹ yìí fún un ní SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, nìyí:

```
SELECT * FROM tita ORDER BY eka, ojo;
```

Ká ní ọṣẹ ti 2/12/2024 ló wà lókè, ìwé ti 10/11/2024 tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ọṣẹ ti 9/11/2024 àti ọṣẹ ti 10/11/2024. Ìwé yóò bọ́ sókè. Nínú ọṣẹ, 9/11 ló yẹ kó ṣíwájú, kí 10/11 tẹ̀lé e, kí 2/12 kẹ́yìn.

Ibí gan-an ni nǹkan ti máa ń dàrú. Bí wọ́n bá tọ́jú ọjọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, àmì kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ń kà láti òsì. 1 ṣáájú 2, 2 ṣáájú 9, nítorí náà 10/11 ló máa bọ́ sókè, 2/12 á tẹ̀lé e, 9/11 á sì kẹ́yìn. Oṣù Kejìlá ti wá há sáàárín ọjọ́ méjì inú oṣù Kọkànlá. Nínú Excel, tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì yí ìtò rẹ̀ padà, ọjọ́ tó jẹ́ ọjọ́ lóòótọ́ máa ń fara ti apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ lásán sì máa ń fara ti apá òsì. Ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn. Kíkọ ọdún ṣáájú, bíi 2024-11-09, ni mo fẹ́ràn jù, torí bí a bá tiẹ̀ tò ó bí ọ̀rọ̀, yóò ṣì tọ́.

Lẹ́yìn títò ni a ń kó wọn jọ. À ń ka ìlà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tí ẹ̀ka bá ti yí padà ni ọ̀wọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì ṣírò owó ọ̀wọ́ tó parí.

Bí ọṣẹ bá wá di ọ̀wọ́ méjì tí ojú kò rí ìyàtọ̀ wọn, ó ṣeé ṣe kí àlàfo kan wà lẹ́yìn ọ̀kan. Tàbí kí ẹnì kan tẹ «ọ» gẹ́gẹ́ bí àmì ẹyọ kan, kí ẹlòmíràn tẹ «o» kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ pa àlàfo náà rẹ́, ẹ sọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan, kí ẹ tó tún un tò.