Àkúnwọ́sílẹ̀ nọ́ńbà odidi nínú ìròpọ̀ iye ńlá

Àkúnwọ́sílẹ̀ nọ́ńbà odidi ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àbájáde ìṣirò bá tóbi ju àyè tí kọ̀ǹpútà yà sọ́tọ̀ fún un lọ. Inú ìròpọ̀ ló ti máa ń bá èèyàn lábo jù: iye kọ̀ọ̀kan wọ àyè tirẹ̀ wẹ́kú, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn kò wọ̀ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ètò náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, á sì gbé nọ́ńbà tí kò tọ̀nà síta bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fi sẹ́fà ṣírò owó, bí Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òpin àyè yìí sún mọ́ni ju bí ọ̀pọ̀ akọ̀wé-ètò ṣe rò lọ.

## Bí àyè ṣe ń tán

Bíìtì, ìyẹn 0 àti 1, ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà. Irú nọ́ńbà tí Java ń pè ní `int` ní bíìtì 32, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún `int` ti èdè C lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní. Ọ̀nà 4,294,967,296 péré ni a lè gbà to bíìtì 32. Ìdajì rẹ̀ wà fún àwọn nọ́ńbà òdì, ìdajì kejì wà fún òdo àti àwọn tó ju òdo lọ. Nítorí náà, 2,147,483,647 ni nọ́ńbà tó ga jù tí `int` lè gbà, -2,147,483,648 ló sì rẹlẹ̀ jù.

Mítà alùpùpù tó ti dé 99999 kò ní àyè fún kìlómítà kan sí i, ṣe ló máa padà sí 00000. Bẹ́ẹ̀ ni `int` ti Java ń ṣe, àfi pé kì í ṣe òdo ló ń padà sí. Bí a bá fi 1 kún 2,147,483,647, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa já sí, ní -2,147,483,648, yóò sì tún máa gòkè bọ̀ láti ibẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá yí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, 4,294,967,296 gan-an ló ń sọnù nínú àpapọ̀, kò ní lé, kò ní dín. Ó dára kí ẹni tó ń bójú tó ètò ìṣirò owó mọ nọ́ńbà yìí sórí, torí òun ni ẹ̀rí tó dájú jù nígbà tí ìwé ìṣirò méjì bá ta ko ara wọn.

## Sẹ́fà àti bíìtì 32

Ẹnikẹ́ni kì í ná ìdá fàráǹkì sẹ́fà kan lọ́jà, kò sí ẹyọ owó tó kéré sí fàráǹkì kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ ètò fún àwọn oníṣòwò fi ń lo nọ́ńbà odidi fún sẹ́fà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni bí iye sẹ́fà ṣe máa ń pọ̀ tó lórí ìwé. Yúrò 1 jẹ́ sẹ́fà 655.957 gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n dè é mọ́, fún ìdí yìí, 2,147,483,647 sẹ́fà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta yúrò ó lé díẹ̀ lọ. Ètò tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ tó ń ná yúrò, tó sì ń fi sẹ́ǹtì ka owó nínú `int`, lè ka yúrò tó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún kó tó kún. Tí wọ́n bá gbé ètò kan náà wá sí Àjàṣẹ́ láìyí nǹkan kan padà, tí wọ́n kàn ní kó máa ka sẹ́fà, iye ọjà tó lè gbà kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀. Ètò tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ níbòmíràn lè kún lọ́dún àkọ́kọ́ níbí.

## Àpẹẹrẹ ilé ìkẹ́rù mẹ́ta

Kí a mú un pé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ń ra kajú àti àgbàdo, ó ní ilé ìkẹ́rù ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí ọdún parí, Kétu ta ọjà 850,000,000 sẹ́fà, Ṣábẹ̀ẹ́ ta 790,000,000, Àjàṣẹ́ sì ta 640,000,000. Ìkankan nínú iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tilẹ̀ dé ìdajì òpin `int`.

Ètò náà ro Kétu pọ̀ mọ́ Ṣábẹ̀ẹ́, ó rí 1,640,000,000, ìyẹn ṣì wọ̀. Ó wá fi ti Àjàṣẹ́ kún un. Àpapọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ni 2,280,000,000, tó fi 132,516,353 ju òpin lọ. Ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà ni -2,014,967,296. Ẹni tó bá wo ìwé náà á rí i pé ẹgbẹ́ tó ta ọjà ní ibi mẹ́ta wá di ẹni tó jẹ gbèsè bílíọ̀nù méjì.

Èyí ṣì dára, torí àmì àyọkúrò yẹn á jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Èyí tó léwu ni kí àpapọ̀ lọ jìnnà débi pé ó tún gòkè kọjá òdo. Bí ẹgbẹ́ náà bá ro iye ọdún méjì pọ̀, tí àpapọ̀ tòótọ́ jẹ́ 4,500,000,000, ohun tí `int` máa gbé jáde ni 205,032,704. Nọ́ńbà yìí kò ní àmì àyọkúrò, ó sì jọ owó tí ilé ìkẹ́rù kan lè pa. Wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìròyìn ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ kò le. Kí a fi ìwé tàbí ẹ̀rọ ìṣirò mìíràn ṣe àpapọ̀ náà, kí a wá yọ èyí tí ètò gbé jáde kúrò nínú rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 4,294,967,296 gééré, tàbí ìlọ́po rẹ̀, àkúnwọ́sílẹ̀ bíìtì 32 ni. Nínú àpẹẹrẹ kejì, 4,500,000,000 yọ 205,032,704 fún wa ní 4,294,967,296. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ nǹkan mìíràn, níbòmíràn ni kí a ti wá àṣìṣe náà, bóyá ọjà kan ni wọn kò kọ sílẹ̀ tàbí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

## Kí àyè fẹ̀ kí ìròpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Àtúnṣe tí gbogbo ayé mọ̀ ni láti lo nọ́ńbà bíìtì 64, tí Java ń pè ní `long`. Òpin rẹ̀ ni 9,223,372,036,854,775,807. Bí èèyàn bá ń fi bílíọ̀nù kan sẹ́fà kún un ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó máa tó nǹkan bí ọdún 292 kó tó kún. Fún ríro owó ọjà pọ̀, ìyẹn ti tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ìgbà tí wọ́n fẹ àyè náà. Ẹ wo ìlà méjì tó kẹ́yìn nínú kóòdù Java yìí:

```java
int ketu  = 850000000;
int sabe  = 790000000;
int ajase = 640000000;

long a = ketu + sabe + ajase;         // -2014967296
long b = (long) ketu + sabe + ajase;  // 2280000000
```

`long` ni `a`, síbẹ̀ àbájáde rẹ̀ kò tọ̀nà. Java kì í wo ibi tí àbájáde ń lọ kó tó ṣírò. Àwọn nọ́ńbà tó wà nínú ìròpọ̀ ló ń wò, ó rí i pé `int` ni gbogbo wọn, ó sì ṣe ìròpọ̀ náà nínú bíìtì 32. Nígbà tó fi máa gbé e sínú `long`, owó ti sọnù. Ní ìlà kejì, `ketu` ti di `long` kí ìròpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì fa àwọn yòókù sínú bíìtì 64. Tó bá jẹ́ ètò tó ń yí ká lórí ìlà ọjà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, orúkọ tó ń gba àpapọ̀ ni kó jẹ́ `long` látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú dátábéèsì. PostgreSQL ti gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀: bí òpó kan bá jẹ́ `integer` tó ní bíìtì 32, `bigint` tó ní bíìtì 64 ni `sum` rẹ̀ máa jẹ́, bí òpó bá sì jẹ́ `bigint`, `numeric` tí àyè rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa jẹ́. SQL Server kò ṣe bẹ́ẹ̀. `SUM` lórí òpó `int` ṣì máa jẹ́ `int`, bó bá sì kún, yóò dá iṣẹ́ dúró, á gbé àṣìṣe jáde. Ó sàn bẹ́ẹ̀ ju kó purọ́ lọ. Àtúnṣe rẹ̀ nìyí:

```sql
SELECT SUM(CAST(iye AS bigint)) FROM oja;
```

Ẹni tó bá kọ `CAST(SUM(iye) AS bigint)` ti pẹ́ jù, gẹ́gẹ́ bí ìlà `a` nínú Java.

## Ìròpọ̀ tó fara pamọ́

Kì í ṣe àpapọ̀ tí a fẹ́ rí nìkan ló lè kún. Bí ètò bá ń wá ìṣirò àárín, àpapọ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣe kó tó pín in. Àárín iye ilé ìkẹ́rù mẹ́ta òkè yìí jẹ́ 760,000,000, ó wọ `int` dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú Java fúnra rẹ̀: Joshua Bloch, ọ̀kan lára àwọn tó kọ kóòdù Java, ṣàlàyé ní ọdún 2006 pé kóòdù tó ń fi pínpín sí méjì wá nǹkan nínú àtòjọ ń ro ipò méjì pọ̀ kó tó wá àárín wọn, `(low + high) / 2`, tó fi jẹ́ pé àtòjọ tó gùn gan-an á jẹ́ kó kún. Ọ̀nà tó bọ́ lọ́wọ́ ewu ni `low + (high - low) / 2`.

## Kí ètò máa kígbe

Níbi tí kò bá ti dáni lójú pé àyè tó, ó yẹ kí ètò dúró dípò kó purọ́. Java ní `Math.addExact`, tó ń ju àṣìṣe sókè ní kété tí ìròpọ̀ bá kún. Nínú C, ọ̀rọ̀ náà gba ìṣọ́ra púpọ̀. Òfin èdè náà kò sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà tó ní àmì, ìyẹn irú èyí tó lè jẹ́ òdì, bá kún, nítorí náà kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tó ń túmọ̀ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, lè gbà pé kò lè ṣẹlẹ̀ láé, kó sì pa àyẹ̀wò tí a ṣe lẹ́yìn ìròpọ̀ rẹ́ pátápátá. Ṣáájú ìròpọ̀ ni kí a ti béèrè. Bí `a` àti `b` kò bá kéré sí òdo:

```c
if (b > INT_MAX - a) {
    /* ko si aye mo */
}
```

Àwọn kan máa ń sá lọ sọ́dọ̀ nọ́ńbà onídẹ́símà, `double`, torí ó lè gba nọ́ńbà tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Fún owó, èmi kò rò pé ó yẹ. Láti 9,007,199,254,740,992 lọ, kì í ka gbogbo nọ́ńbà odidi mọ́, bí a bá fi 1 kún un níbẹ̀, iye kan náà ló máa dá padà. Àṣìṣe rẹ̀ kò ní hàn bí ti `int`, ó kàn máa jẹ́ fàráǹkì díẹ̀ tí kò bára mu. Bí iye bá máa ju `long` lọ ní tòótọ́, `BigInteger` ti Java tàbí `numeric` ti PostgreSQL ló tọ́. Python kò nílò èyí fún nọ́ńbà odidi tirẹ̀, torí ó ń fẹ àyè bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àtòjọ NumPy tí wọ́n ń lò nínú rẹ̀ ní àyè tó lópin bí ti C.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún ètò ṣe, ó ku ibi tí àpapọ̀ ń sùn. Bí òpó tó ń gba àpapọ̀ ọdún nínú PostgreSQL bá ṣì jẹ́ `integer`, 2,280,000,000 kò ní wọlé, `integer out of range` ni dátábéèsì á sọ. `ALTER TABLE` pẹ̀lú `TYPE bigint` ló ń yí i padà. Ó máa tún gbogbo tábìlì náà kọ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa tì í pa títí yóò fi parí, nítorí náà ìgbà tí àwọn akọ̀wé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe é.