Ìbárìn Kì í Ṣe Okùnfà: Bí A Ṣe Ń Fèsì fún Aṣàyẹ̀wò Tó Ní A Ti Sọ̀rọ̀ Ju Dátà Wa Lọ

Bí aṣàyẹ̀wò tí olóòtú gbé iṣẹ́ wa fún bá kọ̀wé pé àpilẹ̀kọ kan “sọ ìbárìn di okùnfà”, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣe ìwádìí ìlera ní Èkó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ká bínú, lẹ́yìn náà ká fi gbólóhùn kan kún ìparí iṣẹ́ wa pé “ìwádìí yìí ní ààlà tirẹ̀”, ká sì dá a padà sọ́dọ̀ olóòtú. Aṣàyẹ̀wò náà yóò tún dá a padà, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, nítorí ohun tó bèèrè kò sí nínú èsì náà.

“Ìbárìn” ni mo ń lò fún ohun tí àwọn kan ń pè ní kọ́ríléṣọ̀n. Mo lè fara da kọ́ríléṣọ̀n. Èyí tí n kò lè fara dà ni “ìbátan”, tí àwọn akẹgbẹ́ mi kan kò yé kọ, nítorí ẹni tó bá ní nǹkan méjì bára tan ti sọ pé ohun kan so wọ́n pọ̀ láti orísun, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ̀sùn tí aṣàyẹ̀wò fi kàn wá ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí a tó dé orí àbájáde. Ìbárìn kò sọ ju ohun tí a rí lọ: bí ọ̀kan bá pọ̀, èkejì náà ń pọ̀.

Ẹni tó bá dúró lórí afárá ní Òṣòdì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ yóò rí i pé ibi tí àwọn tó ń kiri gààlà àti omi inú ọ̀rá bá ti pọ̀, ibẹ̀ náà ni sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ti ń le jù. Bó bá ka iye wọn lójoojúmọ́, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bó bá tìtorí rẹ̀ lé àwọn ọlọ́jà náà lọ, ọkọ̀ àjàgbé tó takú sójú ọ̀nà kò ní tìtorí ìyẹn ṣí kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀ràn kan. Ká ní ilé 400 ni a wọ̀ ní Múṣin àti Ṣómólú, tí a sì bèèrè nípa ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún 5 nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo to àwọn iye wọ̀nyí kí ìṣirò lè rọrùn, kì í ṣe ìwádìí ẹnikẹ́ni. Ilé 200 ń mu omi kànga, 200 ń mu omi ẹ̀rọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ọjọ́ tí a dé, ọmọ 60 ṣe ìgbẹ́ gbuuru nínú àwọn ilé oníkànga, 30 péré ló sì ṣe é nínú àwọn ilé elẹ́rọ. Ìdá 30 nínú 100 àti ìdá 15 nínú 100 nìyẹn, ìlọ́po 2 gbáko. Òǹkọ̀wé wá kọ ọ́ pé: “Omi ẹ̀rọ dín ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọdé kù sí ìdajì.”

Aṣàyẹ̀wò bèèrè pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Nínú àwọn ilé oníkànga, 160 ló ń bá àwọn ayálégbé mìíràn lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo, bó ti máa ń rí nínú ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn. 40 ló ní tiwọn. Nínú àwọn ilé elẹ́rọ, òdìkejì ni: 40 ń lo ti àpapọ̀, 160 ní tiwọn, nítorí ẹni tí owó rẹ̀ tó gba ilé tó ní ẹ̀rọ sábà máa ń gba èyí tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí a wá pín àwọn ọmọ náà sọ́nà méjì, ọ̀rọ̀ yí padà. Láàárín àwọn tó ń lo ti àpapọ̀, ọmọ 56 nínú 160 ló ṣàìsàn lọ́dọ̀ àwọn oníkànga, 14 nínú 40 lọ́dọ̀ àwọn elẹ́rọ: ìdá 35 nínú 100 ni méjèèjì. Láàárín àwọn tó ní tiwọn, 4 nínú 40 àti 16 nínú 160: ìdá 10 nínú 100 ni méjèèjì. Ìlọ́po 2 náà ti pòórá, kò sì sí nọ́ńbà kan tí a yí padà.

Nínú irú ọ̀ràn báyìí, kò sí èsì tó lè gba gbólóhùn àkọ́kọ́ là. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì gbé ìpín méjèèjì sínú àtẹ níbi tí òǹkàwé yóò ti rí i.

Ká wá ní ìyàtọ̀ kan ṣẹ́kù lẹ́yìn ìpín yìí, ìbéèrè tó kàn ni bí ohun ìkọ̀kọ̀ mìíràn tí a kò wọ̀n yóò ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kó tó lè dá fa ìyàtọ̀ náà. Ìṣirò yìí ti pẹ́. Nígbà tí Fisher, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ń jiyàn pé ó lè jẹ́ àbínibí ló ń mú èèyàn fa sìgá, tó sì tún ń fún un ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, Cornfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fèsì ní ọdún 1959 pé bí ewu amusìgá bá jẹ́ ìlọ́po 9 ti ẹni tí kì í mu ún, ohun ìkọ̀kọ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn amusìgá ní ìlọ́po 9, ó kéré tán. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ mú wá. Nítorí náà, aṣàyẹ̀wò tó bá ní dátà tí kì í ṣe ti àdánwò kò lè sọ̀rọ̀ okùnfà láéláé ti ṣàṣejù. Ṣùgbọ́n ìlọ́po 2 tiwa kì í ṣe ìlọ́po 9: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àpapọ̀ nìkan wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníkànga ní ìlọ́po 4, ó sì tó láti gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Pípín tí a pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀nà kan láti ṣàtúnṣe fún un; ẹ ṣọ́ra kí ẹ má tìtorí ìbẹ̀rù ṣàtúnṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun gbogbo tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ pé omi ẹ̀rọ tó wà nítòsí ló ń jẹ́ kí ìyá fọwọ́ dáadáa, ọwọ́ fífọ̀ jẹ́ ọ̀nà tí omi náà gbà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ṣàtúnṣe fún un ti fọwọ́ ara rẹ̀ bo ohun tó ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìgbà náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni a bèèrè omi àti àìsàn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ṣàìsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá lè tìtorí rẹ̀ yí sí omi ẹ̀rọ, ọmọ rẹ̀ yóò sì bọ́ sínú àwọn aláìsàn elẹ́rọ. Èyí a máa dín ìyàtọ̀ kù ni, kì í dá a sílẹ̀, síbẹ̀ ó yẹ ká sọ ọ́. Bí fọ́ọ̀mù bá ti bèèrè pé, “Láti ìgbà wo lẹ ti ń mu omi yìí?”, ẹ yọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí, kí ẹ tún un ṣírò.

Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé kì í yẹ̀ wò ni ìmọ̀ràn ìparí. Ẹni tó ti yọ “dín kù” kúrò nínú àkọlé àti àkópọ̀, tó sì tún kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé “kí ìjọba ìpínlẹ̀ fa omi ẹ̀rọ dé àdúgbò wọ̀nyí kí ìgbẹ́ gbuuru lè rọlẹ̀”, okùnfà náà ló ṣì ń sọ.

Bí mo bá ń kọ èsì náà fún ọ̀ràn tó ní ìyàtọ̀ díẹ̀ tó ṣẹ́kù, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́: “A gbà pé dátà wa kò lè fi okùnfà hàn. A ti yí àkọlé padà sí ‘Orísun omi mímu àti ìgbẹ́ gbuuru láàárín àwọn ọmọdé’. Níbi gbogbo tí a ti kọ ‘dín kù’, a ti kọ ‘kéré lọ́dọ̀ àwọn’. A ti pín àbájáde sọ́nà méjì gẹ́gẹ́ bí irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyàtọ̀ tó ṣẹ́kù kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, iye méjèèjì sì wà nínú àtẹ kejì. A kò wọ̀n owó tó ń wọlé fún ìdílé, ó sì lè jẹ́ pé òun ló fa ìyókù. A ti yọ ìmọ̀ràn tó wà ní ìparí.” Kí a wá kọ nọ́ńbà ìlà tí àyípadà kọ̀ọ̀kan wà sí iwájú rẹ̀, kí aṣàyẹ̀wò má baà máa wá a kiri.