Bí ẹni tí a fi ogún sílẹ̀ fún bá ṣáájú kú

Ìwé ìhágún kì í jẹ́ nǹkan kan lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ bá kú ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Ínglándì àti Wéèlì, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, òfin fẹ́ kí ẹni tí a fi nǹkan sílẹ̀ fún ṣì wà láyé lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ti kú, ẹ̀bùn náà já nìyẹn. Nǹkan ọ̀hún kò di tirẹ̀ rí, nítorí náà àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè bá a jogún rẹ̀.

Ká sọ pé bàbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ìwé tirẹ̀ lọ́dún 2012. Ó ní kí wọ́n fún àbúrò òun obìnrin ní 15,000 pọ́n-ùn, kí ọmọbìnrin òun gba ilé, kí ìyàwó òun sì kó gbogbo ìyókù. Àbúrò kú ní 2019, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ọmọbìnrin kú ní 2020, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀. Bàbá kò fọwọ́ kan ìwé náà mọ́ títí tó fi kú ní 2022.

Owó àbúrò ti bọ́ sínú ìyókù, ìyàwó ló ni ín. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ti ilé yàtọ̀. Abala 33 nínú Òfin Ìwé Ìhágún ọdún 1837, bí wọ́n ṣe tún un ṣe lọ́dún 1982, sọ pé bí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ ìwé bá ṣáájú rẹ̀ kú, tó sì fi ọmọ sílẹ̀, àwọn ọmọ náà ni yóò gba ìpín òbí wọn, àfi bí ìwé bá sọ ohun mìíràn. Àwọn ọmọ-ọmọ méjèèjì ló ni ilé, ọgbọọgba.

Ibi tó ń dun àwọn èèyàn wa jù nìyí. Nínú ilé Yorùbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n tí a tọ́ láti kékeré, ọmọ ni. Àmọ́ abala yìí kò mọ̀ ọ́n lọ́mọ, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n gbà á ṣọmọ lábẹ́ òfin. Ọmọ tí ìyàwó bí wọlé náà kò sí níbẹ̀. Bí irú wọn bá kú ṣáájú, ẹ̀bùn wọn já, bí wọ́n tilẹ̀ bímọ.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ìyókù gan-an ni ìwé pín sí méjì dọ́gba fún àbúrò méjì, tí ọ̀kan sì ti kú, ìdajì tirẹ̀ kì í wọnú ti èkejì. Wọ́n á pín in bíi ti ẹni tí kò kọ ìwé rárá, ó sì lè jẹ́ ìyàwó ẹni tó kọ ìwé ni yóò ni ín.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni lọ́yà máa ń fi dí gbogbo ihò wọ̀nyí: “Bí lágbájá bá ṣáájú mi kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ pín in dọ́gba.”