Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú fídíò kúkúrú

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń wo fídíò kúkúrú lórí TikTok, Instagram Reels tàbí YouTube Shorts sábà máa ń pinnu bóyá òun á dúró wò ó tàbí òun á fi ìka tì í kọjá. Áàpù náà ń kọ ohun tí ìka yẹn ṣe sílẹ̀. Lára àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu iye èèyàn mìíràn tí wọ́n máa gbé fídíò náà síwájú wọn. Fídíò oníṣòwò ẹja kan ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ibi tí ìṣírò mẹ́ta ti wá

Kò sí awo kankan nínú iye náà, ẹnu ààlà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fà fúnra wọn ni. Nígbà tí fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra rẹ̀ lójú ìwé Facebook, wọ́n nílò ọ̀nà láti fi ya ẹni tó wò ó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 3 ni wọ́n mú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú bí àwọn ṣe ń ṣírò ìpíndọ́gba àkókò tí èèyàn fi ń wo fídíò: àwọn tó dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3 nìkan ni wọ́n pín àkókò náà fún, àwọn tó ti sá lọ ṣáájú kò sí nínú ìṣírò rárá. Ìpíndọ́gba wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ń ka àbájáde fídíò tirẹ̀ lónìí lè ṣe irú àṣìṣe kan náà, bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ààlà yìí kò dọ́gba káàkiri. Lórí Instagram, ohun tí wọ́n pè ní Skip rate ń sọ ìdá àwọn tó fò ó kọjá kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 3. YouTube ní tirẹ̀ ń fi Viewed vs. swiped away hàn, èyí tó ń ya àwọn tó dúró wò sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó tì í kọjá. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025, gbàrà tí fídíò Shorts bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ni YouTube ti ń kà á sí wíwò kan. Nítorí náà, iye wíwò tó wà lábẹ́ fídíò Shorts kò lè sọ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú èèyàn dúró.

Ọ̀nà tí ìbẹ̀rẹ̀ gbà ń kan ìtànkálẹ̀

Wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi fídíò tuntun han àwọn èèyàn díẹ̀, kí wọ́n tó wo ìṣesí wọn bóyá kó tẹ̀ síwájú. Nígbà tí TikTok ṣàlàyé ètò rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ó ní pé bí èèyàn bá wo fídíò gígùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn wúwo ju pé òun àti ẹni tó ṣe é jọ wà ní orílẹ̀-èdè kan náà lọ. Ó tún ní iye àwọn tó ń tẹ̀lé èèyàn kò sí lára ohun tí àwọn ń wò tààrà. Adam Mosseri, ọ̀gá Instagram, dárúkọ mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù ní oṣù kìíní ọdún 2025: àkókò tí èèyàn fi wo fídíò, iye àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ àti iye àwọn tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Bí a bá wò ó dáadáa, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá kejì kò lè wò ó dópin, kò sì dájú pé yóò tẹ àmì ìfẹ́ tàbí kó fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà ni ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta náà ṣe rí: òun ló ń sọ iye àlejò tó wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń se oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ.

Fídíò ọ̀bọ̀kún kan ní Ọjà Olúwo

Ká ní ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ọjà Olúwo ya fídíò ìṣẹ́jú àáyá 24 láti fi kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bọ̀kún mú kó má gún wọn. Ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún líle kan lẹ́yìn, ó sì tún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tó wúlò ni, pàápàá fún ẹni tó ń gbé láàárín ìgboro tó sì fẹ́ fọ ẹja tirẹ̀ nílé. Ká tún ní áàpù kọ́kọ́ gbé e síwájú èèyàn 200. (Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ, kí ìṣírò lè ṣe kedere ni.)

Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, fóònù ṣì ń gòkè bọ̀ láti ilẹ̀, tapólì àti ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà la kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni ojú ìyá náà yọ, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé dáadáa lẹ wà? Èmi ìyá ẹlẹ́ja yín láti Ẹ̀pẹ́ náà tún ni o." Ìṣẹ́jú àáyá keje ni ẹja tó dé. Èèyàn 110 kúrò kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ká ní wọ́n wo méjì-méjì. Àwọn 90 tó kù wo ìṣẹ́jú àáyá 16 ní ìpíndọ́gba. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,660, bí a bá pín in fún 200, ó jẹ́ 8.3.

Nínú ẹ̀dà kejì, bí fídíò ṣe ń ṣí, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú bàsíà, ọ̀bọ̀kún ń jà, omi ń ta sára fóònù. Ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: "Ibí yìí ni kẹ́ ẹ dì í mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gún á wọ̀ yín lọ́wọ́." Ó wá kí èèyàn ní ìṣẹ́jú àáyá karùn-ún, ní gbólóhùn kan. Èèyàn 60 péré ló kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, 140 dúró, wọ́n wo 14 ní ìpíndọ́gba. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,080, èyí tó jẹ́ 10.4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ibí ni àṣìṣe 2016 yẹn ti wúlò. Bí ìyá náà bá wo àwọn tó dúró nìkan, yóò rò pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló dára jù, torí 16 ju 14 lọ. Àwọn tó fara da ìkíni gígùn yẹn jẹ́ àwọn tó ti fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí a bá ka àwọn tó sá lọ mọ́ wọn ni òótọ́ ìṣírò ń jáde.

Ẹ̀dà kẹta wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá tọ̀. Ó fi ọ̀bẹ lé ikùn ẹja, ó pariwo: "Ẹ wo ohun tí mo bá nínú ẹja yìí!" Kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìfun lọ. Èèyàn 30 péré ló kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, iye tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ nígbà tó di ìṣẹ́jú àáyá kẹfà, àwọn 170 tó kù ti rí i pé ẹ̀tàn ni, wọ́n lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,080, ìyẹn 5.4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó kéré ju ti ìkíni gígùn lọ! Skip rate rẹ̀ yóò dára lójú, síbẹ̀ kò ní dé ibi tí ẹ̀dà kejì dé.

Ọ̀rọ̀ ìkíni

Ó ṣòro fún Yorùbá láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kí i, kò sì yẹ ká pe ìyẹn ní àléébù. Ohun tó fa wàhálà ni pé ẹni tó ń wo For You, ojú ìwé tí TikTok ti ń gbé fídíò tó yàn síwájú èèyàn, kò mọ ìyá ẹlẹ́ja yìí rí, kò sì wá kí i. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń tẹ̀lé e ń retí ìkíni, wọ́n tilẹ̀ lè bínú bí kò bá sí. Àwọn kan máa ń kọ "Ẹ káàárọ̀ o" sójú fídíò nígbà tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ lọ, ohùn á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gan-an. Ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ń ran àwọn tó pa ohùn fóònù mọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Kí wọ́n má kàn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá tàbí sápá ọ̀tún, torí ibẹ̀ ni orúkọ àti àwọn bọ́tìnnì áàpù máa ń bò mọ́lẹ̀.

Ohun kékeré mìíràn tó ń jẹ àkókò ni mímí tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀, àti fóònù tí kò tíì dúró jẹ́ẹ́. Bí fídíò bá ní àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán 90 péré ló wà nínú mẹ́ta, mímí kan ṣoṣo sì lè gba bí 20 nínú wọn. Gígé e kúrò kò ju títẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Bí a ṣe ń dá ìṣòro náà mọ̀

TikTok àti YouTube máa ń ya ìlà kan tó ń fi iye àwọn tó kù hàn bí fídíò ṣe ń lọ. Bí ìlà náà bá já wálẹ̀ lójijì láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì àkọ́kọ́, tó wá tẹ́jú lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a tún ṣe, àárín rẹ̀ kò ní wàhálà. Bí ó bá tẹ́jú níbẹ̀rẹ̀ tó wá ṣubú ní ìkẹfà tàbí ìkeje, a jẹ́ pé a ṣèlérí ohun tí a kò mú wá. Èyí tó ń fà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé òpin, gígùn fídíò náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Gbogbo fídíò ló ń pàdánù èèyàn díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìlà tó kọ́kọ́ wálẹ̀ kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àwọn fídíò tirẹ̀ tó gùn tó ara wọn ni kí èèyàn fi wé ara wọn, kó tún wo ibi tí àwọn òǹwòran ti wá. Fídíò tí àwọn tó ń tẹ̀lé e nìkan wò máa ń ní ìlà tó rẹwà, èyí tó dé For You sì lè burú lójú nítorí àjèjì tó pọ̀. Bákan náà, bí áàpù bá kọ́kọ́ gbé fídíò Yorùbá síwájú àwọn tí kò gbọ́ èdè náà, wọ́n á kọjá lọ láìka bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe dára tó. Fídíò kan tí èèyàn 200 wò kò tó láti fi dájọ́. Instagram mú Trial reels jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn tí kò tẹ̀lé èèyàn kọ́kọ́ rí fídíò náà, kí àwọn oníbàárà àtijọ́ má bàa da ìṣírò rú.