Gbòǹgbò kan ṣoṣo: ohun tí tíọ́rẹ́ẹ̀mù Rolle ń bá wa ṣe

Bí ìbéèrè bá ní ká fi hàn pé ìdọ́gba x³ + 2x − 7 = 0 ní gbòǹgbò gidi kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. A ó kọ́kọ́ fi hàn pé gbòǹgbò wà, a ó wá fi hàn pé kò lè sí òmíràn. Ẹnikẹ́ni ò ní ká wá gbòǹgbò náà jáde, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré ṣe nìyẹn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò le. Ká pe x³ + 2x − 7 ní f(x). Tí a bá fi 1 sí ipò x, −4 la ó rí. Tí a bá fi 2 síbẹ̀, 8 + 4 − 7 ni, ìyẹn 5. Ìlà gírááfù wà nísàlẹ̀ òdo ní 1, ó sì ti bọ́ sókè òdo nígbà tó fi dé 2. Kò já níbì kankan lójú ọ̀nà, nítorí náà ó ní láti gba orí òdo kọjá. Ó kéré tán, gbòǹgbò kan wà láàárín 1 àti 2.

Ibi tí a ti nílò Rolle ni iṣẹ́ kejì. Ará Faransé ni Michel Rolle. Ọdún 1691 ló tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde, fún pólínómíà nìkan. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló mú un gbòòrò. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lu kálíkúlọ́ọ̀sì nígbà ayé rẹ̀.

Ohun tí tíọ́rẹ́ẹ̀mù rẹ̀ sọ nìyí. Tí iye f bá jẹ́ ọ̀kan náà ní a àti ní b, tí ìlà gírááfù rẹ̀ kò já láti a dé b, tí kò sì ní igun ṣóńṣó láàárín wọn, ojú kan, ká pè é ní c, gbọ́dọ̀ wà láàárín a àti b tí táńjẹ́ǹtì ti sùn gbalaja, ìyẹn ni pé f′(c) = 0. Ẹni tó kúrò nílé tó gun òkè, tó wá sọ̀ kalẹ̀ padà sí ibi tó ga bákan náà, kò lè ṣe kó má dé ibì kan tí kò ti gùn, tí kò sì ti sọ̀.

Wàyí o, ká ní ẹnì kan ta kú pé ìdọ́gba wa ní gbòǹgbò méjì, p àti q. A jẹ́ pé òdo ni f(p), òdo náà sì ni f(q). Iye méjèèjì dọ́gba, nítorí náà f′ gbọ́dọ̀ di òdo níbì kan láàárín p àti q. Ṣùgbọ́n f′(x) = 3x² + 2. Nọ́ńbà gidi tí a bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kì í bọ́ sísàlẹ̀ òdo, nítorí náà 2 ni iye tó kéré jù tí f′ lè ní. Kò lè di òdo láéláé. Ọ̀rọ̀ onítọ̀hún ti wó nìyẹn: gbòǹgbò kejì kò sí.

Ẹ má fojú di gbólóhùn “kò já” yẹn o. Ẹ wo x − 1/x = 0. Dẹrífátíìfù rẹ̀ ni 1 + 1/x², kì í sì í di òdo. Síbẹ̀ gbòǹgbò méjì ló ní, 1 àti −1. Kì í ṣe pé Rolle purọ́: ìlà gírááfù yìí já ní 0, láàárín gbòǹgbò méjèèjì gan-an, nítorí náà tíọ́rẹ́ẹ̀mù náà kò kàn án. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sínú ẹ̀rí rẹ̀ pé f kò já ti fi ihò sílẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí f′ di òdo níbì kan, kéèyàn wá sọ pé gbòǹgbò ti ju ọ̀kan lọ nìyẹn. Rolle kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú x³ − 3x + 5 = 0. Níbí, f′(x) = 3x² − 3, ó sì di òdo ní −1 àti ní 1. Nírú èyí, ṣe la máa pín ọ̀nà sí méjì. Láti −1 lọ sápá ọ̀tún, ibi tí ìlà náà ti rẹlẹ̀ jù ni x = 1, níbi tí f ti jẹ́ 3; kò kan òdo rárá, nítorí náà kò sí gbòǹgbò lápá ibẹ̀. Lápá òsì −1, f′ kì í di òdo, nítorí náà Rolle kò gbà ju gbòǹgbò kan lọ níbẹ̀. Pé ó sì wà níbẹ̀ kò ṣòro láti rí: f(−3) jẹ́ −13, f(−2) sì jẹ́ 3. Ẹyọ kan péré ni, àárín −3 àti −2 ló wà.